Kí Ẹ Tó Tẹ Rìsẹ́ẹ̀tì Lórí Tẹlifíṣọ̀n Yín

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé tó wà lọ́jà báyìí ló ń lo Google TV tàbí Android TV, ìyẹn ètò tó jẹ́ ọmọ ìyá èyí tó wà nínú fóònù Android. Nínú ètò yìí ni ibì kan wà tí wọ́n pè ní Factory reset. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò dá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nínú páálí. Àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Bí YouTube bá ń kú lójijì, tí rìmóòtù sì ń pẹ́ kó tó jẹ́, ẹnì kan nínú ilé á ní, “Ẹ jẹ́ ká rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀.” Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n á kú, á tún tàn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ nínú ilé.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ nìyí: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń bẹ̀rù pé a máa pàdánù ni kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n rárá. Àwọn ohun tó ń sọnù ní ti gidi ni àwọn nǹkan kéékèèké tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò kọ síbì kankan, tí a sì ti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ náà ná. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n ń kó nǹkan pamọ́ sí kò tóbi. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n Android tí kò wọ́n púpọ̀, GB 8 péré ni, ètò tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti gba apá tó pọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó fi nǹkan kan kún un. Ibi ìpamọ́ yìí pín sí apá méjì. Apá kan jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ṣe é: ibẹ̀ ni ètò náà wà, pẹ̀lú àwọn áàpù tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Apá kejì jẹ́ tiyín: ibẹ̀ ni orúkọ yín, áàpù tí ẹ gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi, ìkànnì tí ẹ wá, àti bí ẹ ṣe fẹ́ kí àwòrán rí, wà. Rìsẹ́ẹ̀tì dà bí ìgbà tí ayálégbé bá kó jáde: ẹrù rẹ̀ ló lọ, ògiri ilé kò yí padà.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ ohun tí rìsẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti gba ètò tuntun láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, rìsẹ́ẹ̀tì kò ní dá a padà sí ètò àtijọ́, nítorí pé apá ti iléeṣẹ́ ni ètò tuntun yẹn wọlé sí. Ẹni tó bá rò pé òun máa fi rìsẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ ètò tuntun tí kò tẹ́ òun lọ́rùn ń da ara rẹ̀ láàmú lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn ara ẹ̀rọ. Bí ìlà bá là á já lójú tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ilẹ̀, ojú rẹ̀ tàbí wáyà tó so mọ́ ọn ló ní ìṣòro. Bí ohùn bá ń jáde tí àwòrán kò sì sí, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ojú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bí ẹ bá rí òjìji àwòrán tó ń rìn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, àwọn iná kéékèèké tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ ló ti kú. Oníṣẹ́ ló máa tú u; kò sí bọ́tìnì kankan nínú Settings tó lè tún wọn tàn.

Kódà nígbà tó bá jẹ́ pé inú ètò ni ìṣòro wà, mi ò gbà pé rìsẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó ṣáájú. Bọ́tìnì iná tó wà lórí rìmóòtù kì í pa tẹlifíṣọ̀n pátápátá. Ó kàn ń mú un sùn ni. Nínú ilé tí ínfátà wà, tẹlifíṣọ̀n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìjẹ́ pé ó kú kó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ lo Restart tó wà nínú Settings > System. Bó bá jẹ́ áàpù kan ṣoṣo ló ń dani láàmú, ẹ lọ sí Settings > Apps, ẹ yan áàpù náà, kí ẹ tẹ Clear cache. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Clear data, èyí tó máa yọ yín jáde nínú áàpù yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Settings > System > Storage. Bí ààyè tó ṣẹ́ kù kò bá tó nǹkan, ibẹ̀ gan-an ni ìlọ́ra ti ń wá. Tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ààyè kò lè gba áàpù tuntun, kò sì ní ibi tí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ máa kó nǹkan sí. Yíyọ eré ọmọdé méjì tàbí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kì í lò mọ́ lè parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà, tàbí tí ẹ fẹ́ ta tẹlifíṣọ̀n náà, tàbí tí ẹ ra tokunbọ̀ tí orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ rìsẹ́ẹ̀tì tó délẹ̀.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Tẹlifíṣọ̀n Google TV oní ínṣì 43 ló wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ti lọ́ra gan-an, YouTube sì ń pa ara rẹ̀ dé láàárín ìwàásù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá kí i lópin ọ̀sẹ̀, ó sì rìsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó padà sí Èkó. Ìyá náà ní kí n wá bá òun wò ó. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ni mo ti rí ní ilé mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n gbogbo wọn pé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà òun ni mo máa fi ṣe àlàyé.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń bà á nínú jẹ́ ni GOtv rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó oṣù náà ni. Ó bi mí pé, “Ṣé owó yẹn ti wọgbó nìyẹn?” Mo ní, “Rárá o, Mà.” Inú dikódà ni GOtv wà, orí nọ́ńbà dikódà ni owó náà sì wà. Tẹlifíṣọ̀n kàn ń gba àwòrán láti inú rẹ̀ nípasẹ̀ wáyà HDMI ni. Bí mo ṣe yan HDMI 1, ìkànnì rẹ̀ jáde bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni DStv àti dikódà StarTimes. Bákan náà sì ni Netflix lọ́nà tiẹ̀: fíìmù tí ẹ wò dé ìdajì, orúkọ àwọn ọmọ tí ẹ tò síbẹ̀, àti owó tí ẹ san, orí ẹ̀rọ Netflix lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn wà. Ohun tí ẹ bá ti wò lórí YouTube náà ń bẹ lábẹ́ orúkọ Google yín. Bí ẹ bá ti lè padà wọlé, ẹ óò bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ dá owó dúró: rìsẹ́ẹ̀tì kì í fòpin sí owó oṣù kankan. Báńkì á máa yọ ọ́ lọ títí ẹ ó fi lọ fagi lé e fúnra yín nínú àkáǹtì náà.

Ìṣòro rẹ̀ gidi ni ímeèlì. Nígbà tó ra tẹlifíṣọ̀n náà, ọmọdékùnrin tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù ló bá a ṣí àkáǹtì Google, tó tẹ̀ ẹ́ sínú tẹlifíṣọ̀n àti fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà wo ló lò? Ìyá kò mọ̀. Ọmọdékùnrin náà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ṣe ìdánilójú jẹ́ láìnì kan tó ti sọnù. Àkáǹtì yẹn ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè, títí di ọjọ́ tí rìsẹ́ẹ̀tì nù ún kúrò. Irú àkáǹtì yìí pọ̀ nílẹ̀ wa ju bí a ṣe rò lọ. Nítorí náà, ohun tó yẹ kó ṣáájú rìsẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ jókòó ti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí gmail.com lójú wíńdò tí kò dá yín mọ̀, kí ẹ fi ìka ara yín tẹ ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Bó bá wọlé, ó dára. Bí kò bá wọlé, ẹ má tíì fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yanjú ìyẹn ná. Bí Google bá tún ní òun máa fi àwọn nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù kí ẹ tó wọlé, ẹ rí i dájú pé ọwọ́ yín ni fóònù yẹn wà, kó má jẹ́ ti ọmọ tó wà ní Kánádà, tí ó ṣeé ṣe kó ti sùn.

Lẹ́yìn ímeèlì, ẹ lo kámẹ́rà fóònù yín. Kò sídìí láti máa fi bírò kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí ojú ìwé Settings kọ̀ọ̀kan tó bá kàn yín, kí ẹ ya á. Ẹ ya ojú ìwé tí áàpù tò sí. Ẹ ya Settings > System > About, níbi tí orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yà tẹlifíṣọ̀n náà wà, torí pé oníṣẹ́ máa béèrè rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ya ètò àwòrán, ní pàtàkì bí ẹnì kan bá ti jókòó ṣe é kó tẹ́ ojú yín lọ́rùn. Nǹkan bíi Backlight, Contrast àti Color ní nọ́ńbà tí ẹ kò lè rántí, rìsẹ́ẹ̀tì á sì dá gbogbo wọn padà sí ti iléeṣẹ́. Ẹ ya ètò ohùn pẹ̀lú, bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ohùn tó so mọ́ ọn. Ilé ìyá yìí ní ọ̀kan tó gba HDMI ARC. Lẹ́yìn rìsẹ́ẹ̀tì, ohùn padà sínú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, ó sì rò pé ẹ̀rọ ohùn òun ti bàjẹ́. Ohun tó kù ò ju kí a yan ibi tí ohùn máa gbà jáde lọ.

Wi-Fi tún wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ò ní fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú rẹ̀ hàn yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ Wi-Fi tó wà nílé, ó sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti yí i padà. Bó bá jẹ́ hotspot fóònù, ẹ ó rí i nínú ètò fóònù náà. Ẹ kọ lẹ́tà ńlá bí lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré bí lẹ́tà kékeré. Iye ìgbà tí mo ti rí ẹni tó ń bínú sí tẹlifíṣọ̀n nítorí lẹ́tà O tí ó jẹ́ òdo kò kéré.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí kò ní padà bí ẹ kò bá mọ ibi tó ti wá: áàpù tí a kò gbà láti Play Store, tí ẹnì kan fi fíláàṣì gbé wọlé. Ìyá náà ní irú ẹ̀ kan tó fi ń wo ìkànnì òkèèrè. Play Store kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò sí ibi tí a óò ti tún un gbà. Mi ò bá a wá a, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Áàpù tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, tó wà lórí ẹ̀rọ tí orúkọ Google wa wà, kì í ṣe ohun tó yẹ kí a fà padà.

Ó wá kan títẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ yọ fíláàṣì àti háàdì tó bá so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kó má bàa sí ìdí fún àṣìṣe. Lórí ọ̀pọ̀ Google TV, ojú ọ̀nà rẹ̀ nìyí:

```
Settings > System > About > Factory reset
```

Lórí Android TV tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ óò bá a lábẹ́ Device Preferences dípò System, nígbà mìíràn lábẹ́ Reset. Bí ẹ bá ti fi PIN sí tẹlifíṣọ̀n náà, ó lè béèrè rẹ̀. Ó máa bi yín lẹ́ẹ̀kejì bóyá ó dá yín lójú, nítorí pé kò sí àtúnṣe lẹ́yìn ìyẹn. Lórí tẹlifíṣọ̀n Samsung, tí kì í lo ètò Google, Reset rẹ̀ máa ń béèrè PIN, 0000 ló sì jẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì yí i padà.

Mo fẹ́ kí ẹ ronú nípa iná kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣú, àmì iléeṣẹ́ á jáde, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní àkókò yìí ló ń nu apá tiyín kúrò tó sì ń tún un tò. Bí NEPA bá mú iná láàárín rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí iná bá dé. Ó sì ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú àmì iléeṣẹ́ láìwọlé. Ewu yìí tún pọ̀ sí i ní ìgbà tó bá ń gba ètò tuntun lẹ́yìn rìsẹ́ẹ̀tì, nítorí ìgbà yẹn ló ń kọ nǹkan sí apá ti iléeṣẹ́. Lórí ínfátà tó ní bátìrì tó yó ni kí ẹ ti ṣe é, tàbí lórí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ tó. Ẹ má ṣe é ní ìrètí pé iná ò ní lọ. Bí àmì iléeṣẹ́ bá ti wà lójú rẹ̀ ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tàbí tó ń kú tó ń jí láìdúró, a lè gbà pé ó ti há. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá wọlé síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ní bọ́tìnì lára tí a lè fi rìsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìdé Settings. Lórí Sony oní Android, fún àpẹẹrẹ, a óò yọ wáyà iná, a óò di bọ́tìnì iná àti ti ohùn sísàlẹ̀ tó wà lára tẹlifíṣọ̀n mú papọ̀, a óò sì tún wáyà náà kì bọ iná láìjẹ́ kí ọwọ́ wa kúrò lórí wọn títí àtùpà kékeré iwájú rẹ̀ á fi tàn. Ìwé tó bá tẹlifíṣọ̀n yín wá ni yóò sọ tiyín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín lọ sí ojú ìwé ìkọ̀kọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń lò, tí wọ́n ń tẹ àwọn nọ́ńbà kan lórí rìmóòtù kó tó ṣí. Ètò tó ń sọ irú ojú tí tẹlifíṣọ̀n náà ní wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà láìmọ̀ lè rí i kí àwòrán dorí kodò tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ dàrú, rìsẹ́ẹ̀tì tí à ń sọ yìí kò sì ní tún un ṣe.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá jí, rìmóòtù ló máa kọ́kọ́ béèrè. Rìmóòtù tó ń gbọ́ ohùn so mọ́ ọn nípasẹ̀ bulutúùtù, rìsẹ́ẹ̀tì sì ti já okùn yẹn. Ojú tẹlifíṣọ̀n á fi bọ́tìnì méjì tí ẹ óò di mú hàn yín. Ẹ ṣe bó ṣe wí. Lẹ́yìn náà ni èdè àti orílẹ̀-èdè. Ẹ yan Nigeria bó bá jẹ́ pé Nàìjíríà lẹ wà, ẹ má yan United States nítorí pé òun ló kọ́kọ́ hàn. Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá yàn lè pinnu irú ìgbì tí tẹlifíṣọ̀n máa wá nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi àńténà wá ìkànnì. Tiwa jẹ́ DVB-T2, ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá yan Amẹ́ríkà lè wá ìkànnì títí ilẹ̀ á fi ṣú kó má rí ẹyọ kan.

Ìbéèrè kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ láìkà: ṣé ilé ni tẹlifíṣọ̀n wà tàbí ṣọ́ọ̀bù? Ọmọ ìyá yẹn ti yan ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń tàn yànrànyànràn, tí àwọ̀ ewé ń gún ni lójú, tí ìpolówó iléeṣẹ́ sì ń jáde lórí fíìmù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá rò pé ojú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹ yan Home. Bí ẹ bá ti ṣàṣìṣe, ẹ wá Retail mode tàbí Store mode nínú Settings kí ẹ pa á.

Google TV á wá béèrè bóyá ẹ fẹ́ lo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ lò ó bíi tẹlifíṣọ̀n lásán, èyí tó pè ní basic TV. Ẹni tí kò ní dàtà lọ́jọ́ náà, tàbí tí ìṣòro ímeèlì rẹ̀ kò tíì yanjú, lè yan basic TV, kó máa wo dikódà rẹ̀ títí yóò fi ṣe tán. Ohun tí ìyá náà ṣe nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì wo ìròyìn rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn la wá ṣí ímeèlì tuntun fún un lórí fóònù, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń lò lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìkànnì YouTube tó ti ń tẹ̀lé tẹ́lẹ̀ kò bá a dé ibi tuntun yìí. A tún wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a fẹ́ wọlé, Wi-Fi gbà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ní íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí, bẹ́ẹ̀ fóònù wa ń lò ó dáadáa. Ọjọ́ àti àkókò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ó ń ka ọjọ́ kan tó ti kọjá tipẹ́. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ní bátìrì tí yóò máa ka àkókò fún wọn nígbà tí iná bá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí Google tó gba ẹ̀rọ kan láyè, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ẹ̀rí Google wò, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí ọjọ́ tí aago tẹlifíṣọ̀n ń kà bá ṣáájú ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀, á kọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí Settings > System > Date & time, kí ẹ yan Use network-provided time. Bí kò bá yí, ẹ pa á, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ọjọ́ àti àkókò tòní. Bí a ṣe ṣe é, ó wọlé.

Dàtà ni ọ̀rọ̀ tó kù. Áàpù tó bá tẹlifíṣọ̀n wá láti iléeṣẹ́, bíi YouTube, ti padà sí ti àtijọ́ tó wà ní apá ti iléeṣẹ́. Ó lè kọ̀ láti ṣí títí ẹ óò fi gba tuntun rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá wọlé, Play Store á bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo áàpù lẹ́ẹ̀kan náà láìtọrọ àyè, ètò tuntun sì lè tẹ̀ lé e. Lórí hotspot fóònù, dàtà ọ̀sẹ̀ kan lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ yára wọ ètò Play Store, kí ẹ pa Auto-update apps, kí ẹ wá fi ọwọ́ yan èyí tẹ́ ẹ nílò. Ẹ má tún dá gbogbo áàpù àtijọ́ padà. Ààyè kékeré yẹn kò tóbi sí i, bí ẹ bá sì tún kún un bíi ti àná, ìlọ́ra náà á tún padà. Láti wọlé sí YouTube, ẹ kò ní láti fi rìmóòtù tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn; tẹlifíṣọ̀n á fún yín ní lẹ́tà díẹ̀ tí ẹ óò tẹ̀ sí youtube.com/activate lórí fóònù.

Fún ẹni tó fẹ́ ta tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jáde nínú Netflix àti àwọn áàpù mìíràn tí ẹ ń sanwó sí, kí ẹ tó rìsẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pa á lójú ìbéèrè èdè láìdáhùn rẹ̀, kí ẹni tó rà á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti tà á kí ẹ tó rántí, ọ̀nà ṣì wà. Ẹ lọ sí myaccount.google.com lórí fóònù yín, ẹ wọ Security, ẹ wá àwọn ẹ̀rọ tó ń lo orúkọ yín, kí ẹ yan tẹlifíṣọ̀n náà, kí ẹ sì tẹ Sign out. Nínú Netflix, ojú ìwé Account ni ẹ ti máa rí àwọn ẹ̀rọ tó ṣì ń lo àkáǹtì yín. Ẹni tó sì ra tokunbọ̀, kó rìsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà bí ẹni tó tà á bá ní òun ti ṣe é, torí pé bí tẹlifíṣọ̀n bá tàn tó sì lọ tààrà sí ojú ìwé áàpù láìbéèrè èdè, orúkọ ẹlòmíràn ṣì lè wà nínú rẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá sì wò á máa wọ inú àkọsílẹ̀ onítọ̀hún.